Ta Ló Máa Ṣe É? Bí Etí Ṣe Ń Mú Ọ̀wọ̀ Nínú Ìdánwò Èdè Kòríà

Nínú TOPIK II, ìpele kejì ìdánwò èdè Kòríà tí àwọn àjèjì máa ń ṣe, ìbéèrè mẹ́rin kan wà tí mo máa ń kọ́kọ́ wò nínú ìwé ìdáhùn ẹnikẹ́ni tó bá ní kí n ran òun lọ́wọ́. Ìbéèrè 9 sí 12 ni, ní apá ìfetísílẹ̀. Obìnrin kan àti ọkùnrin kan á jọ sọ̀rọ̀ díẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ ó gbọ́ ọ, wọn ó sì ní kí ẹ mú ohun tí obìnrin náà máa ṣe tẹ̀lé e nínú ìdáhùn mẹ́rin. Ìbéèrè 50 ló wà ní apá ìfetísílẹ̀, máàkì méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà máàkì mẹ́jọ péré ni mẹ́rin yìí. Síbẹ̀ àwọn ni mo fi ń mọ̀ bóyá ẹni náà ti ń gbọ́ èdè Kòríà ní tòótọ́, àbí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló kàn ń dá mọ̀ bó ṣe ń kọjá.

Ìdí ni pé ọ̀rọ̀ nìkan kò lè gbani níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣètò ìdánwò náà máa ń kó ìdáhùn wọn jọ láti inú ohun tí àwọn méjèèjì sọ. Bí wọ́n bá dárúkọ ìwé, fóònù àti yàrá ìpàdé, ẹ ó rí ìwé, fóònù àti yàrá ìpàdé nínú ìdáhùn. Gbogbo rẹ̀ lẹ gbọ́. Ohun tí wọ́n ń bi yín ni pé èwo nínú rẹ̀ ló kan obìnrin, èwo ló kan ọkùnrin, èwo ló kan ẹni kẹta tí kò sí níbẹ̀. Ará Kòríà kì í sì í fẹnu dárúkọ olùwà gbólóhùn bí kò bá pọn dandan. Àwa máa ń sọ pé "mo máa pè wọ́n," "ẹ bá mi gbé e," "wọ́n ti jáde," ẹni tó ṣe é sì ti hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kí a tó dé ọ̀rọ̀-ìṣe. Ní Kòríà, ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń kẹ́yìn, ìparí rẹ̀ ni wọ́n sì fi ẹni tó ṣe é pamọ́ sí. Ọ̀wọ̀ ni kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí i.

Kí n tó lọ síwájú: lẹ́tà Yorùbá ni mo fi ń kọ ìró Kòríà níbí, nítorí etí ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Lẹ́tà wa bá a mu ju bí ẹ ṣe rò lọ, torí pé àwọn náà ya o sọ́tọ̀ kúrò lára ọ, bíi tiwa gan-an. Èmi ò fi àmì ohùn sí i, nítorí Kòríà tí wọ́n ń sọ ní Seoul kì í fi ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ yí ìtumọ̀ padà. Lẹ́tà u nìkan ni kí ẹ ṣọ́ra fún: ìró méjì ni mo fi ń dúró fún, àti èyí tí ẹnu ká roboto fún, àti èyí tí ètè tẹ́ fún.

Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀wọ̀ inú gbólóhùn Kòríà, bí a kò bá sì yà wọ́n, gbogbo rẹ̀ á dàrú mọ́ni lójú. Yorùbá ní méjèèjì, ìyẹn ló sì jẹ́ kí n lè tètè ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ará ilé. Bí mo bá sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé "Màmá ti lọ, wọ́n ti lọ," màmá ni mo bọ̀wọ̀ fún, n kò bọ̀wọ̀ fún ọ̀rẹ́ mi. Bí mo bá sọ fún ìyá ọ̀rẹ́ mi pé "Ọmọ náà ti lọ, mà," ìyá tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ni mo bọ̀wọ̀ fún, ọmọ kò gba nǹkan kan. Ọ̀wọ̀ ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà nínú "wọ́n," ọ̀wọ̀ ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ wà nínú "mà." Ní Kòríà, "si" tí wọ́n ń ki bọ àárín ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń ṣiṣẹ́ "wọ́n," ìparí bíi "yo" tàbí "mnida" ló ń ṣiṣẹ́ "mà." "Ọmọni gasyọssọ" ni màmá ti lọ, tí a sọ fún ọ̀rẹ́: "si" wà nínú "syọ," kò sí "yo" lẹ́yìn. "Dongsẹngi gassọyo" ni àbúrò mi ti lọ, tí a sọ fún àgbà: "yo" wà, kò sí "si."

Àwọn onígírámà Kòríà ka ìparí yìí sí ìpele mẹ́fà. Ẹ má jẹ́ kí iye náà dẹ́rù bà yín. Mẹ́rin lẹ ó bá pàdé léraléra nínú ìdánwò: "hamnida" tó wà fún ìkéde àti ayẹyẹ, "hẹyo" tó wà fún ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ tó ní ìtẹríba, "hẹ" láàárín ọ̀rẹ́ àti ẹbí, àti "handa" tí ìwé àti ìwé ìròyìn ń lò. Méjì yòókù, "hao" àti "hage," ti ń kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn.

Òfin tó wúlò jù fún ìbéèrè 9 sí 12 rọrùn: kò sẹ́ni tó ń bọ̀wọ̀ fún ara rẹ̀. Ibi tí ẹ bá ti gbọ́ "si," ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kọ́ ló ń ṣe nǹkan náà, láéláé. Bí gbólóhùn bá jẹ́ ẹ̀bẹ̀ tàbí àṣẹ, ẹni tó ń gbọ́ ló máa ṣe é. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá olùgbọ́ ni àbí ẹni kẹta tó lọ́wọ̀. Ní òdìkejì, "lkeyo" ní ìparí jẹ́ ìlérí ẹnu olùsọ fúnra rẹ̀: "halkeyo," èmi máa ṣe é. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe ìrẹra-ẹni-sílẹ̀ náà wà, èyí tó wọ́pọ̀ jù ni "durida," fífún àgbà ní nǹkan tàbí ṣíṣe nǹkan fún un. Ẹni tó ṣe é ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ẹni tó gbà á. Nínú gbólóhùn lásán, olùsọ ló sábà máa ń jẹ́ ẹni yẹn. Nínú ìbéèrè, ó máa ń yí padà sí olùgbọ́: "boyọ duryọssọyo?" ni ṣé o ti fi hàn wọ́n, "wọ́n" yẹn sì jẹ́ àgbà kan tí kò sí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí etí mú "si" ni iṣẹ́ gan-an, nítorí kì í dúró bẹ́ẹ̀. Ó máa ń yọ́ mọ́ ìró tó bá tẹ̀ lé e. "Gaseyo" ni ó ń lọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, "si" ti di "se." "Gasyọssọyo" ni wọ́n ti lọ, ó ti di "syọ." "Gasil kọyeyo" ni wọ́n máa lọ, ó ti di "sil." Bí a bá gbé "gayo" àti "gaseyo" síwájú ẹni tó ti ka ìwé gírámà, kò ní ṣì wọ́n mú. Àmọ́ nínú ohùn tó ń sáré, sílébù kan péré ni ìyàtọ̀, ó sì bọ́ sí ibi tí gbólóhùn ti ń rọlẹ̀, tí ẹni kejì ti fẹ́ gba ọ̀rọ̀. Ìdẹkùn mìíràn ni àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí "si" jẹ́ ara gbòǹgbò wọn. "Masida" ni kí a mu nǹkan, nítorí náà "masyọyo" kò bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí àgbà bá ń mu nǹkan, "duseyo" lẹ ó gbọ́. "Mosida" ni kí a sin àgbà lọ síbì kan tàbí kí a máa tọ́jú wọn, ẹni tí a ń sìn ló sì ń gbé ga, kì í ṣe ẹni tó ń sìn. Ẹni tó bá ń sáré mú gbogbo "sy" bí ọ̀wọ̀ á kó sínú ìdẹkùn àwọn méjì yìí.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé ìjíròrò kan yẹ̀ wò. Èmi ni mo kọ ọ́, ní ìwọ̀n àti àṣà ti ìdánwò náà. Inú ọ́fíìsì ni wọ́n wà.

Ọkùnrin: Timjangnim, nẹil hwei jaryo da junbihẹssọyo. Hanbọn bwa jusigessọyo?

Obìnrin: Ne. Gurọnde bujangnimke boyọ duryọssọyo?

Ọkùnrin: Aniyo, bujangnimun jigum nagasyọsọ an gyeseyo.

Obìnrin: Gurọm jega jọnhwaduryọ bolkeyo. Gudongan jaryorul hweisire gatta noa juseyo.

Ìdáhùn mẹ́rin tí mo fi sí i ni pé obìnrin náà máa yẹ ìwé ìpàdé wò, pé ó máa pe ọ̀gá lórí fóònù, pé ó máa gbé ìwé lọ sí yàrá ìpàdé, àti pé ó máa jáde kúrò ní ọ́fíìsì.

"Timjangnim" tí ọkùnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ ni olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, nítorí náà a ti mọ̀ pé obìnrin yìí ju ọkùnrin náà lọ níbi iṣẹ́. Ó ní òun ti ṣètò ìwé ìpàdé ọ̀la tán. "Junbihẹssọyo" kò ní "si," òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é. Lẹ́yìn náà ló ní "bwa jusigessọyo," ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi wò ó. "Si" wà níbẹ̀, ẹ̀bẹ̀ sì ni: obìnrin ló máa wò ó. Títí débí, ìdáhùn kìíní ló jọ pé ó tọ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń fi pẹ́ńsùlù sílẹ̀.

Obìnrin náà dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n "gurọnde" tó tẹ̀ lé e yí ọ̀rọ̀ padà. Ó béèrè bóyá ọkùnrin náà ti fi ìwé han "bujangnim," ọ̀gá tó ju àwọn méjèèjì lọ. Ẹ gbọ́ bó ṣe sọ ọ́: "duryọssọyo," láìsí "si." Ọkùnrin náà ni olùṣe, kò sì ju obìnrin lọ, nítorí náà kò gba ọ̀wọ̀ olùwà, ọ̀gá tó wà lókè ni ìrẹra-ẹni-sílẹ̀ inú "durida" ń bọ̀wọ̀ fún. Nínú ìdáhùn ọkùnrin náà, "nagasyọsọ an gyeseyo," ọ̀wọ̀ wà lẹ́ẹ̀mejì nínú gbólóhùn kan, ọ̀gá nìkan ló sì ni méjèèjì: wọ́n ti jáde, wọn ò sí níbí. Ìdáhùn kẹrin, ti jíjáde, ti kú síbẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ "naga" láìgbọ́ "syọ" lè gbé e lé obìnrin lórí.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn ni wọ́n ti dẹ ìdẹkùn ńlá sí. Ohun méjì ló wà nínú rẹ̀, obìnrin kan náà ló sì sọ ọ́. "Jega jọnhwaduryọ bolkeyo": "jega" ni èmi ti ìrẹ̀lẹ̀, "lkeyo" ni ìlérí. Òun ló máa pe ọ̀gá. "Gatta noa juseyo": "se" wà nínú "juseyo," ẹ̀bẹ̀ ni, ọkùnrin ló máa gbé ìwé lọ sí yàrá ìpàdé. Ìdáhùn kejì ló tọ́. Ìdáhùn kẹta ló máa ń fa àwọn èèyàn jù, torí pé òun ni ohun tí etí gbọ́ gbẹ̀yìn, ẹnu obìnrin ló sì ti jáde.

Àbúrò kan tí mo ń bá kàwé máa ń mú irú ìdáhùn kẹta yìí léraléra. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo mọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ." Lóòótọ́ ló mọ̀ wọ́n. Ohun tí mo ní kó ṣe ni pé kó kó gbogbo ìdáhùn tó kùnà nínú 9 sí 12 jọ, kó sì kọ orúkọ ẹni tó ń ṣe nǹkan náà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ọkùnrin máa ṣe ló pọ̀ jù nínú wọn. Báyìí ni mo ṣe ń dá àìsàn méjì mọ̀ yàtọ̀ síra. Bí àṣìṣe ẹnì kan bá sábà jẹ́ ohun tó wà nínú ìjíròrò, àmọ́ tó jẹ́ ti ẹlòmíràn, ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń sá fún etí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ibi gbogbo ló ń bọ́ sí, ọ̀rọ̀ ni kò tíì tó o, kó padà sídìí kíkọ́ ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀. Fífi oògùn ọ̀kan wo èkejì máa ń fi oṣù púpọ̀ ṣòfò.

Fún ti àkọ́kọ́, a lọ sí topik.go.kr, níbi tí wọ́n kó àwọn ìdánwò àtijọ́ kan sí pẹ̀lú fáìlì ohùn wọn, a sì mú 9 sí 12 nìkan. A kò wo ìdáhùn rárá. Bí ẹnì kan bá ti sọ̀rọ̀ tán, a dá ohùn náà dúró, ó sì kọ lẹ́tà kan fún ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan: È fún èmi, Ẹ fún ẹ̀yin, W fún wọn. Kò gbọdọ̀ kọ ìtumọ̀ kankan. Fún ìjíròrò tí mo kọ sókè yẹn, ohun tó yẹ kó wà lórí ìwé ni È, Ẹ fún ọkùnrin, Ẹ fún obìnrin, W, W fún ọkùnrin, lẹ́yìn náà È, Ẹ fún obìnrin. Nígbà tó bá parí, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, ibi tí lẹ́tà kò bá ti bára mu, ó padà gbọ́ ìparí gbólóhùn yẹn, ó sì sọ ọ́ tẹ̀ lé wọn ní ìyára tí wọ́n fi sọ ọ́. Lẹ́yìn tí eléyìí bá ti mọ́ ọn lára, a kò dá ohùn dúró mọ́. Ní ọjọ́ ìdánwò, ẹ kò ní ráyè kọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n ẹ lè ka ìdáhùn mẹ́rin kí ohùn tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fà ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe inú wọn. Ẹ ó ṣàkíyèsí pé wọ́n ti bọ́ gbogbo ọ̀wọ̀ kúrò lára ìdáhùn wọ̀nyẹn. "Handa" lásán ni wọ́n fi kọ wọ́n, "jọnhwarul handa," ó pe fóònù. "Jọnhwaduryọ bolkeyo" tí ẹ gbọ́ kò ní jọ ọ́ lójú.

Ọ̀pọ̀ ń béèrè bóyá eré tẹlifíṣọ̀n Kòríà tó fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí. Mo fẹ́ràn wọn, mo sì ń wò wọ́n, ṣùgbọ́n fún "si" ní pàtó, mo máa ń ṣọ́ra. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya àti ọ̀rẹ́ ló pọ̀ níbẹ̀, "hẹ" ni wọ́n sì ń sọ. Ohùn ìgboro náà ti ń lo "si" níbi tí òfin kò fi sí. Ní ilé ìwòsàn àti ilé ìṣerunlóge, nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ lè sọ fún yín pé "durọgasilkeyo," ẹ máa wọlé báyìí. Wọ́n ti da "si" ti olùgbọ́ pọ̀ mọ́ "lkeyo" tó jẹ́ ìlérí olùsọ, ọ̀nà méjì tó tako ara wọn nínú ọ̀rọ̀ kan. Àjọ ìjọba tó ń bójú tó èdè Kòríà ti sọ pé kò tọ́, bákan náà ni "kọpi naosyọssumnida" tí wọ́n ń sọ ní ilé kọfí, níbi tí wọ́n ti ń bọ̀wọ̀ fún ife kọfí. Mi ò bá àwọn tó ń sọ ọ́ jà, oníbàárà ni wọ́n ń wá ọ̀nà láti bọ̀wọ̀ fún. Àmọ́ kò yẹ kí etí tó ń múra ìdánwò fi ìyẹn ṣe òṣùwọ̀n, nítorí TOPIK kì í lò ó.

Ibì kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí díẹ̀, nítorí ó máa ń jáde nígbà tí ẹnì kan bá ń jíṣẹ́ ẹlòmíràn. Bí òṣìṣẹ́ kan bá wá sọ fún bujangnim pé ọ̀gá àgbà ń pè é, ó lè ní "sajangnimkesọ bujangnim osirago hasyọssọyo." "Si" méjì ló wà níbẹ̀, ẹni méjì ni wọ́n sì ń tọ́ka sí. Èyí tó wà nínú "osirago" jẹ́ ti ẹni tí wọ́n ní kó wá, ìyẹn bujangnim. Èyí tó wà nínú "hasyọssọyo" jẹ́ ti ẹni tó sọ pé kó wá, ìyẹn ọ̀gá àgbà. Bí ó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n pè, "orago hasyọssọyo" ni yóò sọ, "si" àkọ́kọ́ á yọ, nítorí òun ló ń lọ. Àwọn ọmọ Kòríà gan-an máa ń ṣi èyí lò: ọmọ ilé ìwé á sọ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé olùkọ́ ní "osirẹ," ọ̀wọ̀ tó yẹ kó bá olùkọ́ á lọ bá ẹlẹgbẹ́. Nínú ìdánwò, "si" ló wà ní ipò tó yẹ, ẹ sì lè gbára lé e láti mọ ẹni tó ń rìn àti ẹni tó ń ránni.

Lẹ́yìn ìbéèrè 20, ọ̀rọ̀ ń gùn sí i, ẹ̀ẹ̀mejì sì ni wọ́n ń gbé ohùn kọ̀ọ̀kan. Ọ̀wọ̀ ṣì wúlò níbẹ̀ lọ́nà míì: ìparí gbólóhùn àkọ́kọ́ máa ń sọ irú ọ̀rọ̀ tó jẹ́. "Mnida" láti òkè dé ìsàlẹ̀ sábà jẹ́ ọ̀rọ̀ ayẹyẹ tàbí ìkéde, "handa" sábà jẹ́ ohùn fíìmù nípa ẹranko tàbí ìtàn, ẹni tó ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń da "mnida" pọ̀ mọ́ "yo" bó ṣe ń súnmọ́ àwọn olùgbọ́ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀nà mi dópin sí ni ìjíròrò àwọn ọ̀rẹ́. Bí wọ́n bá ń fi "hẹ" bára wọn sọ̀rọ̀, "si" kò ní sí fún àwọn méjèèjì, È àti Ẹ kò sì ní ohun tí wọ́n máa fi dá ara wọn mọ̀ ju "lke" tó jẹ́ ìlérí, "jwọ" tó jẹ́ ẹ̀bẹ̀, àti "nega" tó lè jẹ́ èmi tàbí ìwọ, tó bá jẹ́ pé etí nìkan lẹ ní. Nítorí ìró méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan, ọ̀pọ̀ ará Kòríà ti ń sọ ti ìwọ ní "niga" kí ó má bàa dàrú. Iṣẹ́ tí èmi àti àbúrò mi dáwọ́ lé báyìí nìyẹn: ìjíròrò ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ nìkan, kí a máa gbọ́ "lke" àti "jwọ" láìretí "si" rárá.